Ẹ bá mi wo fọ́tò ìgò òróró méjì yìí: èwo ni wọ́n ti fi dín nǹkan rí?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjà òróró tí mo rà lánàá ló ń kọ mí lóminú. Ọwọ́ àwọn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgò omi oníke, ìyẹn ìgò sẹ̀ǹtílítà 75. Mo gbé méjèèjì sórí tábìlì ìdáná, mo ya fọ́tò wọn nígbà tí wọ́n múná dé ní alẹ́ yìí. Èyí tó wà lápá ọ̀tún rú, ohun funfun kan bí ògì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tó ìka méjì. Ti apá òsì ò ní funfun kankan, àmọ́ ó pọ́n, ó fẹ́ dúdú, àwọn nǹkan wínníwínní kan sì wà ní ìdí ìgò. Bàbá Ìbejì ní kí n da méjèèjì nù. Ẹ sì mọ iye tí òróró ń jẹ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni àlòkù nínú wọn?

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán

Ti ọ̀tún ni. Òróró tó bá ti rú, tó tún ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nídìí, wọ́n ti lò ó nìyẹn, kò sí àlàyé míì. Ti òsì yẹn, òróró ẹ̀pà ni, òróró ẹ̀pà máa ń pọ́n. Tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ kó méjèèjì sínú fíríìjì mọ́jú. Èyí tó bá dì ni ojúlówó, èyí tí kò bá dì ni ayédèrú. Bí ìyá mi ṣe ń dán an wò nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Alákàrà Ọjọ́ Gbogbo

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán, ẹ rọra. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí ńkọ́? Òróró tèmi gan-an dì láàárọ̀ òní, inú kẹ́ẹ̀gì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni o.

Bàbá Láàbù

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ilé iṣẹ́ tó ń fọ òróró ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Ọdún 19 ni mo fi ń wo àwọ̀ òróró, mo sì ti rí ohun tí ojú ń fi tan èèyàn jẹ.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti fọ́tò yín kí a tó sọ ti òróró. Ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn ìgò yẹn, ṣé funfun ni? Tó bá jẹ́ funfun ni, ẹ wo bó ṣe rí nínú fọ́tò: ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Iná gílóòbù ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi kun ògiri yín náà ló fi kun òróró. Kò sí bí mo ṣe lè dájọ́ àwọ̀ lórí fọ́tò yìí, ẹni tó bá ní òun lè dá a, ojú inú ló fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ìgò náà dúró sójú kan títí di àárọ̀, ẹ má gbọ̀n wọ́n, kí ohun tó máa silẹ̀ lè silẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà àmọ́ tí oòrùn ò ti kàn wọ́n tààrà, ẹnu fèrèsé tàbí abẹ́ òrùlé níta. Ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn wọn, ẹ jẹ́ kí bébà náà hàn dáadáa nínú fọ́tò, torí òun ló máa sọ fún mi bóyá fóònù yín purọ́. Ẹ pa fílàṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú fóònù lè dọ́gba pẹ̀lú àárín ìgò, ẹ má yà á láti òkè.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ wá ìgò kẹta, irú ìgò kan náà gẹ́lẹ́, kí ẹ bu òróró tí ẹ mọ orísun rẹ̀ sínú rẹ̀, látinú èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín já ìdérí rẹ̀. Kí gbogbo wọn kún dé ojú ibì kan náà. Ní láàbù, inú gíláàsì kan tó gùn ní mílímítà 133 la máa ń da òróró sí ká tó wo àwọ̀ rẹ̀, torí bí òróró bá ṣe nípọn sí níwájú ojú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dúdú sí. Òróró tó dà bí omi nínú ṣíbí máa ń pọ́n bí oyin nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá fi ìgò kékeré wé gálọ́ọ̀nù, ìgò ló ń wé, kì í ṣe òróró.

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ti fíríìjì.

Bàbá Láàbù

Mo fò ó ni, torí mo mọ̀ pé ó máa fa ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú òróró tó wà lọ́jà wa, ẹyìn ni wọ́n ti fún un. Wọ́n yọ pupa rẹ̀ kúrò, wọ́n sì yọ ọ̀rá tó wúwo kúrò, ìyẹn àwọn ọ̀rá tó máa ń tètè dì. Wọn kì í lè yọ ọ́ tán. Tí òtútù bá mú, ìyókù rẹ̀ á dì, á funfun, á sì lọ jókòó nísàlẹ̀. Tí ẹ bá fi òróró yẹn dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọ̀rá náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì máa dì. Òróró sóyà tuntun ní tirẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta, á ṣì máa ṣàn. Nítorí náà, ohun tí fíríìjì ń sọ fún yín ni irúgbìn tí òróró ti wá. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀.

Ìyá Elépo

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí. Epo tèmi náà ti ya ara rẹ̀ sí méjì nínú ìgò: òkè pupa tòrò, ìsàlẹ̀ ki bí ìpara, ó sì rí bí ọsàn. Ṣé wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn ni? Mo fẹ́ dá a padà.

Bàbá Láàbù

Ìyá, epo pupa lẹ ń sọ, ti òróró là ń sọ níbí. Àmọ́ ẹ má dá a padà nítorí ìyẹn nìkan, bí epo pupa ṣe máa ń sùn nìyẹn. Ẹ gbé e sínú omi gbígbóná díẹ̀, á tún padà di ọ̀kan.

Ìyá Elépo

Ṣùgbọ́n ti ọdún tó kọjá ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Alákàrà Ọjọ́ Gbogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí inú òróró ni mo ń gbé. Mi ò ní tan yín: òróró tó bá ṣẹ́kù lánàá, mo máa ń sẹ́ ẹ, mo máa ń po tuntun mọ́ ọn lónìí. Lọ́jọ́ kẹta mo máa ń gbé e sọ nù. Mo mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọ̀ kì í sọ iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó, ohun tí wọ́n dín ló ń sọ. Dòdò tó pọ́n dáadáa ní ṣúgà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa sọ òróró di pupa rúsúrúsú. Ẹran àti ẹja a máa sọ ọ́ dúdú. Ẹ sì lè fi dín iṣu lẹ́ẹ̀mẹta kó má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àkàrà ní tirẹ̀ máa ń já sílẹ̀, gbogbo èérún ẹ̀wà yẹn ló ń jóná nísàlẹ̀ agbada. Bí mo bá fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, eruku dúdú kan ṣì ń wọlé.

Ẹ tún wo ọrùn ìgò. Òróró tó ti gbó máa ń lẹ̀. Tí ẹ bá dẹ ìgò tí ẹ gbé e dìde, tuntun á ṣàn wálẹ̀ kíá, àlòkù á máa fà bíi ti oyin, á sì fi ìlà kan sílẹ̀ lára ìgò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ìlú Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín ẹja àti ànàmọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Àwa ò fi ojú wo àwọ̀ nìkan. A ní ẹ̀rọ kan tó dà bí ọ̀pá, a máa ń tì í bọ òróró gbígbóná, á sì gbé nọ́ńbà jáde, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni òróró náà ti bàjẹ́. Tó bá ti fẹ́ kan 24, ọ̀gá wa á ní ká pààrọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì fi ààlà sí. Mo ti rí òróró tó ṣì mọ́ lójú tí nọ́ńbà rẹ̀ ti kọjá 20. Mo sì ti rí dúdú tí nọ́ńbà rẹ̀ ò ju 14 lọ, ẹja oníyẹ̀fun ló sọ ọ́ dúdú. Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Alákàrà.

Ìyá Ìbejì

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ṣe bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe é. Fọ́tò tuntun nìyẹn, ìgò mẹ́ta, bébà funfun lẹ́yìn wọn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo ti yà á ní aago méje àbọ̀. Èyí tó wà láàárín ni mo bù láti inú gálọ́ọ̀nù tuntun tí àbúrò mi já lójú mi.

Ẹ gbà mí, ti ọ̀tún ò pọ́n bíi ti fọ́tò alẹ́ àná mọ́! Àwọ̀ rẹ̀ bá ti àárín mu, àfi pé ó ṣì rú, funfun rẹ̀ sì ti di ìka mẹ́ta. Ti òsì ṣì pọ́n síbẹ̀, ó dà bíi tíì tí a ò fi mílíìkì sí.

Bàbá Láàbù

Ẹ ṣeun, fọ́tò nìyí. Bébà yín funfun lóòótọ́, mo lè gba àwọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ọ̀tún. Ẹ bu omi gbígbóná sínú báàfù, kó jẹ́ èyí tí ọwọ́ yín lè gbà, kó má jẹ́ híhó, torí ike á ká. Ẹ jókòó ìgò náà sínú rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ máa pààrọ̀ omi tó bá tutù. Tó bá jẹ́ ọ̀rá ló dì, gbogbo rẹ̀ á yọ́, òróró á sì mọ́ gaara. Ẹ fi ti òsì náà sínú báàfù kan náà, ká lè mọ ìyàtọ̀.

Tí ìrú náà ò bá lọ pátápátá, omi lè wà nínú rẹ̀. Ẹ bu ṣíbí kan sínú páànù gbígbẹ tó gbóná: òróró tó ní omi á máa ta pàrà-pàrà, èyí tí kò ní kì í dún.

Ìyá Ìbejì

Ó ti mọ́ gaara! Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni. Mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà láti ẹ̀yìn ìgò. Kò sì ta rárá nínú páànù. Ti òsì ò yí padà o, bó ṣe wà ló ṣe wà.

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán

Ó dáa, ti ọ̀tún kì í ṣe àlòkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti òsì, òróró ẹ̀pà ni mo ṣì sọ. Àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí máa ń ta òróró tí wọ́n fún jáde, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Mo ti rà á rí nígbà tí mo ń gbé òkè ọya.

Bàbá Láàbù

Lórí èyí, Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán, òótọ́ lẹ sọ. Òróró ẹ̀pà tí wọn ò fọ̀ ní erùpẹ̀ ẹ̀pà nínú lóòótọ́, ó sì pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti da òróró ẹ̀pà tó dáa nù nítorí pé wọ́n rí nǹkan nídìí ìgò.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ohun tó silẹ̀ náà ṣe rí. Ti ẹ̀pà kúná bí lẹ́búlẹ́bú gààrí, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti amọ̀ tó gbẹ. Tí ẹ bá dẹ ìgò, á dìde bí èéfín, á sì pẹ́ kó tó padà silẹ̀. Ti àlòkù ò dọ́gba: òmíràn ńlá, òmíràn kékeré, ó dúdú, ó ní igun, tí ẹ bá dẹ ìgò á yí gbirigbiri lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Ìbejì, ẹ dẹ ìgò òsì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ya ìdí rẹ̀ nítòsí. Ẹ fi ìka tẹ ojú fóònù níbi tí nǹkan náà wà kó tó yà á, kó má lọ mú ara ìgò.

Ìyá Ìbejì

Mo ti yà á, ẹ wò ó. Wọ́n ń yí gbirigbiri bí ẹ ṣe sọ. Mo da ìdí rẹ̀ sórí tíṣù funfun kan. Ọ̀kan fẹ̀lẹ́ bí èèpo, dúdú ni, etí rẹ̀ ká sókè. Ọ̀kan sì dà bí kóró ata tó jóná. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ pẹ́kẹ́.

Alákàrà Ọjọ́ Gbogbo

Kóró ata? Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ wádìí lọ síbi kankan mọ́. Ta ló ń fi ata sínú ẹ̀pà nígbà tó bá ń fún òróró? Èèpo yẹn, àlùbọ́sà ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi ni òróró yẹn, ìbáà ṣe àkàrà, ìbáà ṣe ẹran.

Bàbá Láàbù

Mo fọwọ́ sí i. Àwọ̀ nìkan ò tó, ìdí ìgò nìkan lè ṣini lọ́nà, àmọ́ kóró ata tó jóná nínú òróró tí wọ́n pè ní tuntun, kò sí ọ̀nà míì tó lè gbà débẹ̀. Ẹ lè gbọ̀n ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíá, kí ẹ tún yà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Lára tuntun, ìfófó á ti bẹ́ tán. Lára àlòkù, ẹ ṣì máa rí i lọ́rùn ìgò. Òróró ẹ̀pà tí wọn ò fọ̀ náà máa ń yọ ìfófó ṣá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ ní kí ẹ ṣe é.

Ọmọ Adéọlá

Ẹ̀kọ́ ti wà níbí. Nítorí náà ni mo fi máa ń ra èyí tó bá funfun jù nínú àwọn tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Tó bá ti mọ́ bí omi, ọkàn mi ti balẹ̀.

Bàbá Láàbù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun ìyẹn. Òróró inú ìgò tó mọ́lẹ̀ tó ń jẹ oòrùn lójoojúmọ́ máa ń ṣá, bí aṣọ ṣe máa ń ṣá lórí okùn. Oòrùn tó ń pa àwọ̀ rẹ̀ yẹn náà ló ń bà á jẹ́. Nínú fọ́tò, òun ló máa rẹwà jù nínú gbogbo wọn. Ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀: á máa rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú láílọ́ọ̀nù, tàbí bí ọ̀dà. Fọ́tò ò gbé òórùn. Mo ti rí i kí àwọ̀ bá tuntun mu, kó tòrò, kó má ní nǹkan kan nídìí, síbẹ̀ kó máa ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán

Tí ẹni tó ń tà á bá wá sẹ́ àlòkù náà dáadáa, tó po ife kan mọ́ ife mẹ́rin tuntun ńkọ́?

Bàbá Láàbù

Lórí fọ́tò? Mi ò lè mọ̀ ọ́n. Ó lè pọ́n díẹ̀ ju ìgò tí ẹ fi ń wé e lọ, àmọ́ irú òróró tó yàtọ̀ náà lè pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ìlú Ọba

Ẹ̀rọ wa máa rí i.

Alákàrà Ọjọ́ Gbogbo

Ẹ̀rọ yín á sọ nọ́ńbà kékeré ni, ṣebí tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Agbada ni màá gbà gbọ́. Ẹ gbé e kaná: tó bá tètè ń rú èéfín kí àkàrà tó wọ̀ ọ́, mo ti mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ìlú Ọba

Iná gáàsì àti iná igi ò rí bákan náà, ìyá. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé òróró ló yá, pé kì í ṣe iná?

Alákàrà Ọjọ́ Gbogbo

Ẹni tó bá ti jókòó ti iná kan náà fún ọdún 11 á mọ̀.

Ìyá Ìbejì

Mo ti padà lọ bá ìyá tó ta ti òsì fún mi, mo sì fi kóró ata hàn án. Ó búra pé kẹ́ẹ̀gì ńlá lòun ti ń rọ ọ́, pé ẹnì kan ló ń gbé e wá fún òun, pé ìdí kẹ́ẹ̀gì ló bọ́ sí ìgò tèmi. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó fún mi ní òmíràn láti inú kẹ́ẹ̀gì míì, mo sì ti gbé e jókòó síwájú bébà. Ti ọ̀tún ni mo fi dín ẹyin lónìí. Bàbá Ìbejì jẹ ẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá Láàbù, ẹ má bínú, mo ti ya fọ́tò tèmi náà, ìgò márùn-ún tó wà nílé wa. Ẹ bá mi wo ti ẹ̀kẹrin, ó dà bí ẹni pé nǹkan funfun kan ń dán láàárín rẹ̀.

Bàbá Láàbù

Fílàṣì yín ni. Ẹ pa á, kí ẹ tún un yà láàárọ̀ ọ̀la.